Májọ̀ ni àbí máínọ̀? Bí a ṣe ń pín àìbámu nínú ọ́dìtì abẹ́lé, àti bí a ṣe ń kọ rípọ́ọ̀tù àtúnṣe rẹ̀

Kí ọ́dítọ̀ tó ka àìbámu tó rí, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ ò ti bá ohun tí wọ́n ní ká ṣe mu, tán ni máníjà á ti máa bi í pé "májọ̀ ni àbí máínọ̀ lẹ kọ fún wa?" Ẹ̀bẹ̀ ló sì máa ń tẹ̀ lé e, pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ ọ́ di máínọ̀. Tẹ́ ò bá mọ ohun tẹ́ ẹ dúró lé nígbà tẹ́ ẹ ń pín in, ẹ̀bẹ̀ yẹn á wọ̀ yín létí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé tẹ́ ẹ bá wá májọ̀ àti máínọ̀ nínú ISO 9001, ìlànà àgbáyé lórí ètò kúálítì, ẹ ò ní rí i. Inú ISO/IEC 17021-1, ìwé tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ń lò, ni ìpín yẹn wà. Ohun tó sọ ni pé májọ̀ ni àìbámu tó kan agbára ètò yín láti mú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó mú jáde wá, èyí tí kò bá dé ibẹ̀ jẹ́ máínọ̀. Àwa tá à ń ṣe ọ́dìtì abẹ́lé kàn yá a lò ni, torí náà ẹ rí i dájú pé ìlànà iléeṣẹ́ yín fúnra ẹ̀ ti kọ ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu lásán lẹ ó máa fi jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú kéèsì kan ká bá a lọ títí dé òpin. Iléeṣẹ́ kan tó ń di ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú àpò kílò 5 ni, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni mo wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkéèlì tí wọ́n pè ní S-07, mo ń wá sítíkà kálíbréṣọ̀n lára ẹ̀, èyí tó ń fi hàn pé wọ́n ti fi òṣùwọ̀n tó péye yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí nǹkan kan. Mo bi ọmọ tó ń wọn àpò, ó ní àtìgbà tí wọ́n ti gbé e wá ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má tíì pín nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tójú yín rí: nọ́ńbà síkéèlì, láìnì tó wà, ọjọ́, aago, ohun tó ń wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ́dítọ̀ tuntun ló máa ń kọ "máínọ̀" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ torí sítíkà kan ṣoṣo ni, wọ́n á sì kọjá lọ. Wọ́n ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́dìtì ti máa ń kùnà. Wọ́n á gbé rẹ́jísítà kálíbréṣọ̀n fún yín, ẹ̀yin náà á mú nọ́ńbà márùn-ún níbẹ̀, ẹ ó lọ wò wọ́n, gbogbo ẹ̀ á pé pérépéré, inú gbogbo yín á sì dùn. Ó máa pé kẹ̀, ṣebí inú ìwé tó ti mọ̀ wọ́n lẹ ti mú wọn! Ohun tí ò sí nínú rẹ́jísítà ò lè jáde nínú rẹ́jísítà. Ìdí síkéèlì gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ rìn yíká ilẹ̀ iṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ gbogbo síkéèlì tẹ́ ẹ bá rí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ wá a nínú ìwé. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, síkéèlì 11 ni mo kà nílẹ̀, 8 ló wà nínú rẹ́jísítà. Àwọn 3 tó kù, S-07, S-09 àti S-10, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ 20 oṣù kìíní, ẹnikẹ́ni ò sì fi wọ́n sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ wo ohun tó ti fà. Mo ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n onírin kílò 5 tó ní ìwé ẹ̀rí wá láti láàbù. S-09 àti S-10 ka 5.00. S-07 ka 5.04, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 10 sókè tàbí sísàlẹ̀ ni ìlànà wọn gbà. Súpáfáísọ̀ wá rẹ́rìn-ín, ó ní "ṣé ẹ rí i, á jẹ́ pé à ń bù lé e fún kọ́sítọ́mà ni." Rárá o, òdìkejì ẹ̀ ni. Tí síkéèlì bá fi gíráàmù 40 kún ohun tó wà lórí ẹ̀, ìgbà tó bá ń sọ pé 5.00, nǹkan bíi kílò 4.96 ló wà nínú àpò. A gbé àpò 20 tí wọ́n fi S-07 wọ̀n jáde láti inú wíáháósì, a tún wọn wọ̀n lórí síkéèlì tó dára, kò sí èyí tó kọjá 4.97.

Ó ti wá yá ká pín in. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi. Ṣé ohun tí kò dáa ti dé ọwọ́ kọ́sítọ́mà, tàbí ó lè dé bẹ̀? Ṣé ẹnì kan ló gbàgbé ni, àbí ètò ọ̀hún ò sí níbẹ̀ rárá? Ṣé nǹkan mìíràn wà níwájú tí ì bá mú un? Níbí, àpò tó fúyẹ́ ti jáde láti bí oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀, kò sí ọ̀nà kankan tí síkéèlì tuntun ń gbà wọ inú rẹ́jísítà, wọn ò sì ń fi òṣùwọ̀n dán síkéèlì wò láràárọ̀. Májọ̀ ni, kò lẹ́jọ́ nínú.

Ẹ wá yí i wò. Ká ní síkéèlì 11 ló wà nínú ìwé, tí ọ̀kan kọjá ọjọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ 6, tí wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe kálíbréṣọ̀n, tó sì ṣì ń ka 5.00, máínọ̀ ni, kẹ́ ẹ má fi ariwo pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó le ni àárín: ká ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lóde rẹ́jísítà ló ka 5.00 ńkọ́? Àwọn kan á kọ máínọ̀ torí kò sóhun tó bàjẹ́. Èmi á kọ májọ̀, torí pé oríire lásán ló gbà wọ́n, kì í ṣe ètò. 17021-1 náà sọ pé tí máínọ̀ bíi mélòó kan bá pọ̀ lórí ohun kan náà, ó lè fi hàn pé ètò ọ̀hún gan-an ló ti dẹnu kọlẹ̀, kó sì di májọ̀. Ẹ má sì wá kọ àìbámu mẹ́ta fún síkéèlì mẹ́ta o, ọ̀kan ni, ẹ̀rí ẹ̀ ló jẹ́ mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kíkọ àìbámu fúnra ẹ̀. Apá mẹ́ta ni: ohun tí wọ́n ní ká ṣe, ohun tá a rí, ibi tí méjèèjì ò ti bára mu. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

"ISO 9001:2015, 7.1.5.2, ní kí á máa ṣe kálíbréṣọ̀n ohun èlò ìwọ̀n lásìkò tá a là kalẹ̀, kí á sì lè dá ipò rẹ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, síkéèlì 3 nínú 11 (S-07, S-09, S-10) ń wọn ọjà tó ń lọ fún kọ́sítọ́mà láìsí nínú rẹ́jísítà, láìní sítíkà tàbí ìwé ẹ̀rí kálíbréṣọ̀n. S-07 ka 5.04 lórí òṣùwọ̀n kílò 5. Kò sí ìlànà tó ń mú ohun èlò ìwọ̀n tuntun wọ inú ètò kálíbréṣọ̀n. Májọ̀."

Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí "wọn ò ka iṣẹ́ sí". Ẹni tí ò débẹ̀ rárá gbọ́dọ̀ lè kà á kó lọ bá síkéèlì yẹn níbi tó wà.

Rípọ́ọ̀tù àtúnṣe ló kàn, ẹ̀ka tó ni iṣẹ́ ló máa kọ ọ́, ọ́dítọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Àtúnṣe ojú ẹsẹ̀ àti àtúnṣe gbòǹgbò làwọn èèyàn máa ń pò pọ̀. Tojú ẹsẹ̀ ni ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn kí nǹkan má bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n yọ S-07 kúrò lórí láìnì, wọ́n so táàgì pupa mọ́ ọn, wọ́n dá àwọn àpò tó wà ní wíáháósì dúró. 7.1.5.2 kan náà tún ní kẹ́ ẹ wo bóyá àwọn ìwọ̀n tẹ́ ẹ ti wọ̀n sẹ́yìn ṣì ṣeé gbọ́kàn lé. Àwọn tí síkéèlì wọn ti ní kálíbréṣọ̀n rí á padà sí ìgbà tó dára kẹ́yìn, S-07 ò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí náà ọjọ́ 20 oṣù kìíní tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n padà sí, wọ́n fi ìwé iṣẹ́ láìnì náà tọpa nọ́ńbà báàṣì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn kọ́sítọ́mà tó ti gbà á. Ohun tó dunni jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, òun làwọn èèyàn sì máa ń fẹ́ fò.

Gbòǹgbò wá ńkọ́? Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ wá fún mi ni pé "òṣìṣẹ́ ò kíyè sí i, a ti tún wọn dá lẹ́kọ̀ọ́." Mo dá a padà. Ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ tó ń wọn àpò tó máa gbé síkéèlì wọ rẹ́jísítà? A wá jókòó, à ń bi ara wa pé kí ló dé. Kí ló dé tí kò sí kálíbréṣọ̀n? Kò sí nínú rẹ́jísítà. Kí ló dé? Ẹ̀ka kúálítì ò mọ̀ pé wọ́n rà á. Kí ló dé? Láti sítọ́ọ̀ ló ti bọ́ sórí láìnì tààrà, bí wọ́n ṣe ń gbé àga. Kí ló dé? Fọ́ọ̀mù tí sítọ́ọ̀ fi ń gba ẹrù ò ní ibi tó ti bèèrè bóyá nǹkan yìí ń wọn nǹkan. A dúró níbẹ̀ torí fọ́ọ̀mù jẹ́ ohun tí ọwọ́ wa lè yí padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ tọ̀nà, ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kẹ́ ẹ fi "torí náà" so ó pọ̀, tó bá já níbì kan, ẹ ti fo nǹkan.

Àtúnṣe gbòǹgbò wá rọrùn láti kọ: fọ́ọ̀mù sítọ́ọ̀ ní ìbéèrè tuntun, sítọ́ọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ fi ohun èlò ìwọ̀n sílẹ̀ láìjẹ́ pé kúálítì ti kọ nọ́ńbà rẹ́jísítà síbẹ̀, tó sì ti lẹ sítíkà. Lára ohun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ipò ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí sí. ISO 9001, 10.2.1, tún ní kẹ́ ẹ wò bóyá irú ẹ̀ wà níbòmíràn, wọ́n wò ó, wọ́n rí témómítà 2 tó gba ojú ọ̀nà kan náà wọlé.

Kí ni yóò fi hàn pé ó ṣiṣẹ́? Fọ́ọ̀mù tuntun nìkan ò tó láti fi ti ọ̀rọ̀ pa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo gba lísìtì ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn akáùntì, mo wá fi wé rẹ́jísítà. Ohun èlò ìwọ̀n 4 ni wọ́n rà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú ìwé. Àmọ́ ọ̀kan ti wà lórí láìnì fún ọjọ́ 2 kí sítíkà tó dé ara ẹ̀, torí ọ̀sán Sátidé ni wọ́n gbé e wá, kò sì sẹ́ni tó wà ní kúálítì. Mi ò ti rípọ́ọ̀tù yẹn pa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí sítọ́ọ̀ ní kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ fún ẹrù òpin ọ̀sẹ̀, mo sì sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú pẹ̀lú oṣù kan.