Bí a ṣe ń túmọ̀ tábìlì rigirẹ́ṣọ̀n fún ẹni tí kò kọ́ ìṣirò

Àlàájà kan tó nílé ní Táńkẹ̀, ní Ìlọrin, ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ló lọ ṣèwádìí owó ilé káàkiri àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó kó ilé 60 jọ, ó kó wọn sínú SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ó sì ya àwòrán tábìlì rigirẹ́ṣọ̀n tó jáde. Ohùn ni Àlàájà fi tẹ̀ lé e: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Mo fẹ́ fi owó kún owó ilé mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé ọ̀dà ni kí n kọ́kọ́ kùn ni, àbí bọ́họ́ọ̀lù ni kí n gbẹ́?"

Ẹ di irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mú kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà kankan. Àlàájà ò béèrè kóófíṣẹ́ǹtì, owó ló béèrè. Gbogbo ohun tí ẹ bá máa sọ fún un, náírà ni kó já sí.

Mo ti pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà inú tábìlì náà kí n má baà gbé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ síta, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n dá owó ilé. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

```
             B         Std. Error   t        Sig.
(Constant)   130.000   24.000        5.417   .000
Yara          90.000    8.000       11.250   .000
Jinna        -14.000    4.000       -3.500   .001
Bohoolu       42.000   17.500        2.400   .020
Oda           12.000   16.000         .750   .456
```

Nínú SPSS gan-an, ẹ ó tún rí `Beta` láàárín `Std. Error` àti `t`. Beta kì í sọ̀rọ̀ náírà, ẹ fi ọwọ́ bò ó.

Ẹ wo ìdí tábìlì kẹ́ ẹ tó wo inú rẹ̀

Lábẹ́ tábìlì ni SPSS máa ń kọ ohun tí gbogbo nọ́ńbà yìí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sí, báyìí: `a. Dependent Variable: Owo`. Ibẹ̀ gan-an ni àwòrán Àlàájà ti gé. Mo ní láti pe ọmọ náà kí n bi í pé owó wo ni, ti oṣù ni àbí ti ọdún, náírà kọ̀ọ̀kan ni àbí ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún. Ó ní, "Owó ọdún kan ni, Sà, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni mo fi kọ ọ́." Ìyẹn ni pé 42 tó wà níwájú bọ́họ́ọ̀lù, ẹgbẹ̀rún 42 náírà ni. Bí n ò bá béèrè ni, ǹ bá sọ fún obìnrin yẹn pé náírà 42 ni bọ́họ́ọ̀lù ń mú wá lọ́dún.

Mo tún bi í pé kí ni wọ́n fi wọn `Jinna`. Kìlómítà ni, láti ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ẹ wá sọ `B` di náírà

Abẹ́ `B` ni àwọn kóófíṣẹ́ǹtì wà. Ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi ilé méjì ṣàpẹẹrẹ fún ẹni tó ń gbọ́. Ohun tí mo sọ fún Àlàájà nìyí: "Ẹ wo ilé méjì tí omi wọn bára mu, tí ọ̀dà wọn bára mu, tí wọ́n jìnnà sí géètì bákan náà. Bí ọ̀kan bá fi yàrá kan ju èkejì lọ, bí ẹgbẹ̀rún 90 ni ó fi ń ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ lọ́dún." Ẹ má gbàgbé gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, pé ohun yòókù bára mu. Òun ló jẹ́ kí rigirẹ́ṣọ̀n yàtọ̀ sí kéèyàn kàn ro owó ilé pọ̀ kó pín in.

Àmì òdì tó wà níwájú 14 túmọ̀ sí pé owó ń wálẹ̀: bí ilé bá fi kìlómítà kan jìnnà sí i, ẹgbẹ̀rún 14 yóò kúrò lára owó rẹ̀. `(Constant)` ní tirẹ̀ ni owó ilé tí kò ní yàrá kankan, tó wà lẹ́nu géètì gan-an, tí kò ní omi, tí wọn ò kùn. Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Táńkẹ̀, kò sì sí níbòmíràn. Ibi tí ìṣirò ti gbéra lásán ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ilé ẹni náà gan-an ṣe é. Yàrá méjì ni ilé Àlàájà, kìlómítà mẹ́ta ló wà sí géètì, kò ní bọ́họ́ọ̀lù, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣí:

```
130 + (90 x 2) - (14 x 3) = 268
```

Ẹgbẹ̀rún 268 nìyẹn. Bí bọ́họ́ọ̀lù bá wà níbẹ̀, 310 ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà nìkan ni, 280. Kíá ló ti ń dáhùn: "Bọ́họ́ọ̀lù nìyẹn o!" Mo ní kó ṣe sùúrù, a ò tíì dé `Sig.`

Èènì ni mo fi ṣàlàyé `Sig.`

Ẹ ní ẹ ra wàrà lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́ẹ̀kan, ó fi èènì méjì sí i. Ṣé ọ̀làwọ́ ni? Ẹ ò lè tíì sọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró sójú kan, tó jẹ́ méjì ló ń fi sí i ṣáá, ọ̀làwọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, tó fi mẹ́ta sí i lónìí tó sì yọ ọ̀kan kúrò lọ́la, èènì méjì ti ọjọ́ yẹn lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán.

`B` ni èènì tí a rí. `Std. Error` ni bí èènì yẹn ṣe lè fò sókè sódò tó bá jẹ́ pé ilé 60 mìíràn ni ọmọ náà bá pàdé. Ẹ pín `B` sí `Std. Error`, ẹ ó rí `t`: 42 pín sí 17.5 jẹ́ 2.4, 12 pín sí 16 jẹ́ 0.75. Èènì bọ́họ́ọ̀lù ju ìfòsókè-fòsódò rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Èènì ọ̀dà ò tilẹ̀ tó tirẹ̀.

Láti ara `t` ni `Sig.` ti wá, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti máa ń sọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀. `.020` ò sọ pé ewu ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló wà pé bọ́họ́ọ̀lù ò wúlò. Ohun tó ń sọ ni pé: ká ní bọ́họ́ọ̀lù ò nípa kankan lórí owó ilé, tí a sì ń kó ilé 60 mìíràn jọ léraléra, bí ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kòńgẹ́ lásán máa gbé èènì tó jìnnà sí òdo tó báyìí jáde. `.456` ti ọ̀dà wá ń sọ pé kòńgẹ́ lè gbé irú rẹ̀ jáde bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. `.05` tí wọ́n máa ń fi ṣe ààlà, àṣà àwọn oníṣirò ni, kì í ṣe òfin. Tí ẹ bá sì rí `.000`, kì í ṣe òdo; ó kéré ju ohun tí SPSS lè fi nọ́ńbà mẹ́ta kọ lọ. Àwọn ẹ̀dà tuntun tilẹ̀ ń kọ ọ́ ní `<.001`.

Lójú tèmi, ẹni tí kò kọ́ ìṣirò ò nílò gbogbo èyí. Ohun tó lè lò ni pé kẹ́ ẹ ṣe `Std. Error` ní ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára `B`, kẹ́ ẹ sì tún rò ó mọ́ `B`. Bọ́họ́ọ̀lù: láti 7 dé 77. Ọ̀dà: láti òdì 20 dé 44. Àlàájà gbọ́ èyí ju gbogbo àlàyé `Sig.` lọ. Ó ní, "Ọ̀dà lè mú owó wọlé, ó sì lè má mú nǹkan kan wá." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé ọ̀dà ò wúlò. Ilé 60 ò tó láti fi mọ̀ ni. Ẹ tún wo 44 tó wà lókè ọ̀dà yẹn dáadáa: ó ju 42 ti bọ́họ́ọ̀lù lọ. Nítorí náà, tábìlì yìí ò fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé bọ́họ́ọ̀lù ń mówó wọlé ju ọ̀dà lọ.

Àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi

Tábìlì tí mo kọ sókè yìí kọ́ ni Àlàájà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ti àkọ́kọ́, `-42.000` ló wà níwájú `Bohoolu`, `-2.400` wà lábẹ́ `t`, `Sig.` sì jẹ́ `.020` bákan náà. Mo kà á bó ṣe wà: bọ́họ́ọ̀lù ń já owó ilé wálẹ̀. Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé omi ló wá ń lé ayálégbé sá?"

Ẹ̀rín yẹn ló là mí lójú. Nínú ìwé ìbéèrè rẹ̀, ọmọ náà fi 1 dúró fún "bẹ́ẹ̀ ni", 2 fún "rárá", ó sì gbé e wọ SPSS bẹ́ẹ̀. Lójú SPSS, láti 1 lọ sí 2 ni ìgòkè. Ìgòkè yẹn sì ni kí ilé má ní bọ́họ́ọ̀lù. Nọ́ńbà rẹ̀ ò ṣìṣe, ìtumọ̀ ló yí padà. `Sig.` ò lè tú irú èyí fó láéláé, nítorí kò yí padà rárá. Ẹni tó máa fura ni ẹni tó mọ ọjà náà. Tí àmì kan bá lòdì sí ohun tí gbogbo ejẹ́ǹtì mọ̀, ẹ bi ẹni tó ni iṣẹ́ pé nọ́ńbà wo ló fún "rárá". Tí fáìlì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo abẹ́ `Values` nínú `Variable View`. Àtúnṣe rẹ̀ ò gba àkókò:

```
RECODE Bohoolu (1=1) (2=0) INTO Bohoolu01.
EXECUTE.
```

Ẹ tún rigirẹ́ṣọ̀n náà ṣe pẹ̀lú `Bohoolu01`. Àmì òdì yóò kúrò, `(Constant)` náà yóò sì yí padà. Tirẹ̀ wá sílẹ̀ láti 214 sí 130. Owó ilé tí ẹ bá fi ṣírò ò ní yàtọ̀.

Ohun tí tábìlì ò mọ̀

Mo jẹ́ kí Àlàájà mọ̀ pé ohun tí ọmọ náà rí ni pé ilé tó *ní* bọ́họ́ọ̀lù ń gba owó jù. Kò rí ilé kankan kí wọ́n tó gbẹ́ bọ́họ́ọ̀lù rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ilé tó ní bọ́họ́ọ̀lù sábà máa ń jẹ́ ilé tuntun, tó ní táìsì nílẹ̀ àti fẹ́ǹsì, táìsì àti fẹ́ǹsì ò sì sí nínú tábìlì. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú 42 yẹn jẹ́ owó táìsì tó lọ fara pa mọ́ sábẹ́ orúkọ omi.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé ọmọ náà ṣì ní ìwé tó fi kọ àwọn ilé yẹn sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ èyí tó ní bọ́họ́ọ̀lù tí kò ní táìsì nínú wọn, kí òun lè lọ bi àwọn tó ń gbébẹ̀ iye tí wọ́n ń san.