Ìrírí mi: bí mo ṣe fi ìtàn ìsọ̀ eléso ṣàlàyé iye àǹfààní tí a yááfì fún àbúrò mi

Ìtàn tí mo kọ fún àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, kò ju ojú ìwé méjì lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé e: tí a bá ti fi owó ra nǹkan kan, nǹkan mìíràn wà tí à bá fi owó yẹn rà tó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ohun tó bọ́ yẹn là ń pè ní iye àǹfààní tí a yááfì nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Friedrich von Wieser, ará Ọ́sítríà tó kú ní 1926, ni wọ́n sábà máa ń so èrò náà mọ́, ṣùgbọ́n n kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn. Orúkọ àjèjì á kàn gba ojú ọmọ kúrò lára ọjà ni.

Ìsọ̀ kan ṣoṣo ni mo lò, ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, torí pé àbúrò mi mọ ibẹ̀. Bí ọmọ inú ìtàn bá ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ọ̀rọ̀ ìnájà á bo kókó mọ́lẹ̀. Ìyá Sìkírá ló ni ìsọ̀ náà. Oṣù kìíní ọdún ni, àgbálùmọ̀ ti jáde, ọsàn kò sì tíì tán lọ́jà. Ohun mẹ́ta ló wà lórí pákó rẹ̀: àgbálùmọ̀ tó kó jọ ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọsàn tó kó jọ ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, àti ẹ̀pà yíyan nínú ìgò. ₦1,000 ni mo fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá wọ́n ju èkejì lọ, ojú ọmọ á lọ sára iye owó, kò ní wo ohun tó ń fi sílẹ̀ mọ́.

Kí Àjọkẹ́ inú ìtàn tó yọ owó, mo jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ èyí tó wù ú jù, èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fo ibí yìí kò ní rí ìdáhùn kankan nígbẹ̀yìn, torí pé ipò kejì ni ìdáhùn wà. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ kú ọjà o, mà,” Àjọkẹ́ kúnlẹ̀.

“Òo, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ rà?”

Àjọkẹ́ wo orí pákó. Àgbálùmọ̀ ló wù ú jù. Bí kò bá sí àgbálùmọ̀, ẹ̀pà ni ì bá mú. Bí kò bá sí ẹ̀pà, á fara mọ́ ọsàn.

“Mà, ṣé ẹ lè ta ẹ̀pà ₦500 àti àgbálùmọ̀ ₦500 fún mi?”

“Rárá o, ọmọ mi. N kì í ṣí ìgò, n kì í sì í tú òkìtì.”

Àjọkẹ́ na ₦1,000 sí i, ó sì kó àgbálùmọ̀ mẹ́fà sínú ọ̀rá.

Ìbéèrè ₦500 yẹn ṣe pàtàkì. Gbogbo ọmọ tó gbọ́n ló máa bi í, bí ìtàn kò bá sì ti ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ á ní kò sídìí láti yan ọ̀kan. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá pín owó rẹ̀ sí méjì náà ṣì yááfì nǹkan: ààbọ̀ àgbálùmọ̀ ló fi gba ààbọ̀ ẹ̀pà. Àmọ́ èyí ṣòroó rí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Ibẹ̀ ni mo ti dá ìtàn dúró tí mo béèrè: kí ni àgbálùmọ̀ yìí ná Àjọkẹ́? Ìdáhùn méjì tí kò tọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Èkíní ni “₦1,000.” Iye tí Ìyá Sìkírá gbà nìyẹn, ṣùgbọ́n iye kan náà ló máa gbà lórí ẹ̀pà àti lórí ọsàn, kò sọ ohun tí Àjọkẹ́ pàdánù fún wa. Èkejì ni “ẹ̀pà àti ọsàn,” òun ló sì ń tan àgbàlagbà pàápàá. Mo fi bébà ₦1,000 kan lé àbúrò mi lọ́wọ́, mo ní kó fi ra ẹ̀pà, kó tún fi ra ọsàn. Kò ṣeé ṣe. Ohun tí owó kan kò lè rà pa pọ̀, a kò lè sọ pé a pàdánù rẹ̀ pa pọ̀. Ọ̀nà tó yá jù láti yẹ ìdáhùn wò ni kí a béèrè pé: ká ní gbogbo àgbálùmọ̀ ti tán, kí ni Àjọkẹ́ ì bá gbé lọ sílé? Ìgò ẹ̀pà kan. Òun nìkan ni iye àǹfààní tó yááfì.

Lẹ́yìn náà ni mo yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Àjọkẹ́ padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ̀pà ti tán. Àgbálùmọ̀ ṣì jẹ́ mẹ́fà, owó ṣì jẹ́ ₦1,000. Lónìí, ọsàn mẹ́jọ ló yááfì, bẹ́ẹ̀ ọsàn kò wù ú tó ẹ̀pà. Èyí ni pé ohun tí àgbálùmọ̀ ná an lónìí kéré sí ti àná, bí iye owó rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Mo tún mú Àlàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Àgbálùmọ̀ ló wu òun náà jù, ṣùgbọ́n ọsàn ló tẹ̀ lé e. Ká ní àwọn méjèèjì jọ wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀pà wà, ìsọ̀ kan náà, owó kan náà, ẹ̀pà ni Àjọkẹ́ máa yááfì, ọsàn sì ni ti Àlàbí. A kò lè ka iye àǹfààní tí a yááfì lára ọjà. Ọwọ́ ẹni tó ń yàn ló wà.

Èènì ni mo fi fi hàn pé kò dìgbà tí owó bá jáde kí a tó yááfì nǹkan. Ìyá Sìkírá ní, “Mú èènì, ọmọ mi, àgbálùmọ̀ kan tàbí ọsàn kan.” Àjọkẹ́ mú àgbálùmọ̀. Kò san kọ́bọ̀, síbẹ̀ ọsàn kan ti lọ.

Apá tó kẹ́yìn bọ́ sọ́dọ̀ Ìyá Sìkírá fúnra rẹ̀. Ó tajà ₦21,000 lọ́jọ́ kan. Owó ọjà àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦15,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, aládùúgbò kan ti ní kó wá bá òun gé ìlá àti ẹ̀fọ́ fún àsè, òun á sì san ₦4,000. Kò lè wà níbi méjèèjì. ₦4,000 yẹn ló yááfì, nítorí náà ₦2,000 péré ni jíjókòó sí ìsọ̀ fi sàn ju lílọ síbi àsè. Mo wá ní kí àbúrò mi yí ₦4,000 náà sí ₦7,000, kó tún un ṣe. Èrè ìsọ̀ ṣì jẹ́ ₦6,000 lórí ìwé, àmọ́ Ìyá Sìkírá ti fi ₦1,000 ṣòfò nípa jíjókòó síbẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo kọ sísàlẹ̀ ìtàn fún un: Ìyá Sìkírá ló ni ìsọ̀ rẹ̀, kì í san owó ìsọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣé ọ̀fẹ́ ni ìsọ̀ náà nígbà náà? Bí ẹnì kan bá ṣetán láti háyà rẹ̀ ní ₦1,500 lójúmọ́, ẹ ní kí ọmọ fi ₦1,500 yẹn kún ohun tí Ìyá Sìkírá ń yááfì, kó sì tún ìṣirò òkè yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀.