Má Sọ Ohun Tí Ojú Ti Rí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tá a Bá Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Fún Dọkumẹ́ńtárì

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀bi tèmi. Dọkumẹ́ńtárì àkọ́kọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ fún, ti àwọn alaró l'Óṣogbo ni, ẹ kúkú mọ̀ pé Ìlú Aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Kámẹ́rà ti ṣiṣẹ́ ẹ̀, àwòrán ń dán gbinrin, èmi wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń wo fídíò, gbogbo ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ sílẹ̀. Ìyá dìde, mo kọ pé ìyá dìde. Ìyá bu omi, mo kọ pé ìyá bu omi. Nígbà tí mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí èdítìn, kò wò ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi dá a dúró, ó ní, "Àbúrò, ṣé ojú ń dun àwọn tó fẹ́ wò ó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ibi tó wà nínú síkíríìpù mi rèé:

"Ìyá yìí ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ funfun. Ó ya òpó, ó sì ya ṣíbí. Lẹ́yìn náà, ó ri aṣọ náà bọ inú ìkòkò aró. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, aṣọ náà ní àwọ̀ ewé. Ó sá a sórí okùn, aṣọ náà sì di bulúù."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, Yorùbá ẹ̀ náà ò sì burú. Ìṣòro ẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀ pátá ni ẹni tó ń wò ó ti fi ojú ara ẹ̀ rí kí ẹnu tó sọ ọ́. Tó o bá ṣe báyẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, etí òǹwòran á jókòó sílẹ̀, kò ní gbọ́ ẹ mọ́, ìgbà tó o bá wá fẹ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì gan-an, ohùn ẹ ti di ariwo fáànù lọ́dọ̀ ẹ̀.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá lọ́dọ̀ tiwa. Rédíò ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀dọ̀ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tó dùn, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò gbọ́dọ̀ ya gbogbo nǹkan fún etí, torí olùgbọ́ ò rí nǹkan kan. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ẹni tó gbá a, ẹni tó gbà á, apá ibi tó gbà lọ, mímí ò sí. Ẹ wá gbé irú ìròyìn yẹn sórí tẹlifísàn, ẹ ó rí i pé orí á fọ́ yín kí wọ́n tó lọ sínmi. (Ti àwọn tí ojú wọn ò ríran yàtọ̀ o, wọ́n máa ń ṣe ohùn tó ń ṣàpèjúwe àwòrán fún wọn lọ́tọ̀, iṣẹ́ tó láyè tiẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òun là ń sọ.)

Ẹ̀gbọ́n yẹn ló ní kí n ya ìwé mi sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ló ti mọ ọ̀nà méjì, àwòrán lápá òsì, ohùn lápá ọ̀tún. Ó ní kí n fi ìkẹta sáàárín, kí n máa kọ ohun tí àwòrán ò lè sọ síbẹ̀: òórùn, orúkọ, ìdí, iye ìgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọn ò ṣe é báyẹn. Ọ̀nà àárín yìí nìkan ni mo lè mú ọ̀rọ̀ jáde látinú ẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ohùn á dákẹ́.

Mo padà sídìí aṣọ yẹn. Ìyẹ́ adìyẹ ń rìn lórí aṣọ. Kí ni ojú ò rí níbẹ̀? Ojú rí nǹkan funfun kan tó ń ṣàn, kò mọ̀ pé ẹ̀kọ ni, ẹ̀kọ láfún, kò sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nítorí náà mo yọ ìyẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀, mo yọ aṣọ funfun kúrò, ó wá ku: "Ibi tí ẹ̀kọ bá ti jókòó, aró ò ní lè wọbẹ̀." Látìgbà yẹn lọ, òǹwòran ò wo ọwọ́ tó ń ya nǹkan mọ́, ó ti ń wo ibi tí yóò funfun lọ́la. Àwòrán kan náà ni o, mi ò pààrọ̀ nǹkan kan.

Ti òpó àti ṣíbí yẹn ló tì mí lójú jù. Àrà tí ìyá ń yà yẹn, Ìbàdàndùn lorúkọ ẹ̀, òpó tó sì wà nínú ẹ̀, òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Mo mọ̀ ọ́n! Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí mi, mo wá lọ ń sọ fún èèyàn pé "ó ya òpó". Gbólóhùn tuntun náà nìyí: "Òpó Mápó nìyẹn, aṣọ tó ń pọ́n Ìbàdàn lé." Mi ò fi 1929 síbẹ̀, torí ẹni tó ń wo ọwọ́ ìyá ò lè máa ka ọdún lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ibòmíràn ni mo gbé ọdún lọ, níbi tí àwòrán ti fara balẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé dídárúkọ ohun tí ojú ń rí tí kò dá mọ̀ kì í ṣe àtúnsọ. "Òpó" ni àtúnsọ, "Mápó" ni àfikún.

Ní ìdí ìkòkò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe kejì, ìyẹn ni ká kó gbogbo ìmọ̀ wa da sórí ṣọ́ọ̀tì kan, ègé àwòrán kan ṣoṣo. Mo fẹ́ sọ pé ewé èlú ni, pé wọ́n gún un, pé omi eérú ni wọ́n fi ṣe é, pé ó lo ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, mo tún fẹ́ fi Ìyá Mapó kún un, òrìṣà tí àwọn alaró àtijọ́ ń ké pè. Ṣọ́ọ̀tì yẹn ò ju sẹ́kọ́ńdì mẹ́sàn-án lọ. Ó gba gbólóhùn kan, tí n bá fẹ́ kó mí. Mo mú òórùn, torí òun ni kámẹ́rà ò lè gbé wálé láéláé: "Òórùn ẹ̀ ni ìyá fi ń mọ̀ pé aró ti kan." Àwọn tó kù, mo jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó dùn mí ti Ìyá Mapó sha.

Ibi tó dáa jù rèé. Aṣọ jáde nínú aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Gbogbo ẹni tí mo fi fídíò yẹn hàn láìsí ohùn ló ṣe "háà" níbẹ̀, torí bulúù ni wọ́n ń retí. Kí n wá sọ pé "aṣọ náà ní àwọ̀ ewé", mo ti gba "háà" yẹn lẹ́nu wọn nìyẹn. Ohun tí àwòrán ò sọ ni ìdí ẹ̀: aró tó wà nínú ìkòkò ò tíì rí afẹ́fẹ́, ó di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án kó tó di bulúù tí yóò sì dì mọ́ òwú. Mo wá dákẹ́ fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta gbáko, kí ìbéèrè jáde lọ́kàn wọn fúnra wọn, lẹ́yìn náà ni mo ní: "Ó ku kí afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn án." Bí ohùn ṣe dákẹ́ báyìí, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú wọn. Ká ní mo sọ gbólóhùn yẹn kí aṣọ tó jáde, kò ní wúlò, wọn ò tíì ní ìbéèrè. Ká ní mo sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti di bulúù, ìtàn àná ni. Nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ bọ́ sí lórí tímláìnì náà jẹ́ ara ọ̀rọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi, àwòrán ló sì ń bá wa sọ ààbọ̀ tó kù.

Àwọn kan á wá gbọ́ èyí, wọ́n á sá lọ sí òdìkejì: àwòrán ń fi ọwọ́ tó ń ya ẹ̀kọ hàn, ohùn ń sọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà. Ìyẹn náà ò dáa, etí lọ sọ́jà, ojú wà nílé, òǹwòran á pàdánù méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ ku okùn kan tó so ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tó wà lójú. "Ẹ̀kọ" àti "aró" ni okùn yẹn nínú tèmi, mo dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan, mo sì lọ síbi tí ojú ò dé.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n kíákíá: ẹ pa àwòrán, kí ẹ gbọ́ ohùn nìkan. Tó bá yé yín látòkè délẹ̀ bí ètò rédíò, ẹ ti sọ̀rọ̀ jù. Ẹ tún pa ohùn, kí ẹ wo àwòrán, kí ẹ máa fi bírò fagi lé gbólóhùn tí ojú ti sọ. Ẹ ṣọ́ra fún "bí ẹ ṣe ń wò ó yìí", ẹ̀yìn ẹ̀ ni àtúnsọ máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ má sì ka iye ọ̀rọ̀ láti mọ bóyá ó wọ ṣọ́ọ̀tì o, ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, "ó", "ti", "ń", iye wọn á tàn yín jẹ, ẹ kà á sókè kí ẹ fi fóònù ká àkókò ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn ni ọwọ́ ìyá, tí èékánná ẹ̀ dúdú fún aró. Mo ti kọ nǹkan tó dùn létí síbẹ̀, "ọwọ́ tí iṣẹ́ ti pa láró", inú mi sì dùn sí i. Ìgbà tí mo tún gbọ́ ìntáfíù ni mo rí i pé ìyá ti sọ tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tí mo bá dé ọjà, wọn kì í bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe." Mo pa tèmi rẹ́, mo fi ohùn ìyá sórí ọwọ́ yẹn. Nárétọ̀, ẹni tó ń bá wa ka ọ̀rọ̀ náà, wọ sítúdíò lọ́jọ́ kejì, ó ka gbólóhùn mẹ́rin fún gbogbo ibi aró yẹn, ó yẹ ẹ̀yìn ìwé wò, ó ní ṣé mi ò gbàgbé apá tó kù sílé.