Bí Mo Ṣe Kọ Àpilẹ̀kọ Lórí Kòkó fún Ìwé Àwọn Alákéèkì

Òwò kòkó gbígbẹ ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè àti Ilé-Olújìí ni mo sì ti ń rà á. Fún ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tó ń kó kòkó lọ sí òkè òkun nìkan ni oníbàárà mi, àwọn ló sì ń dá iye tí wọn yóò san. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan ní Èkó àti Ìbàdàn ti ń yan kòkó fúnra wọn láti fi ṣe ṣokoléètì, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ń ka ìwé àtìgbàdégbà kan tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, kéèkì àti ṣokoléètì. Mo pinnu láti kọ àpilẹ̀kọ kan síbẹ̀.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo ka ẹ̀dà mẹ́fà tó ti jáde ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ààrò, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà kan péré ni wọ́n mẹ́nu kan kòkó, bí a ṣe ń yan án ni wọ́n sì sọ. Wọn kò sọ bí a ṣe ń dá èyí tó dára mọ̀ kí a tó sanwó. Ibi tí wọ́n fò yẹn ni mo dì mú. Ímeèlì tí mo kọ sí olóòtú kò ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ: àkọlé tí mo dábàá, ohun tí òǹkàwé yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá kà á tán, àti ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ tó fi yẹ kí n sọ ọ́. N kò fi odidi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́, nítorí olóòtú lè fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, mo rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, màmá tó jẹ́ olóòtú sì dáhùn pé kí n kọ ọ̀rọ̀ 800, kí n má sì fi fún ìwé mìíràn.

Mo dárúkọ ilé iṣẹ́ mi nígbà márùn-ún nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Màmá fa igi lé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì pè mí: “Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ polówó ń sanwó ojú ewé. Ohun tí àwọn òǹkàwé mi yóò lò ni kí o fún wọn.”

Nínú àpilẹ̀kọ náà, ìdánwò gígé hóró, tí a fi ń mọ bí kòkó ṣe dára tó, ló gbà wá lákòókò jù. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò ni pé kí a la hóró 300 ní òòró, kí a ka èyí tó bu, èyí tí inú rẹ̀ dúdú bíi sílétì nítorí pé wọn kò bò ó pẹ́ tó kí wọ́n tó sá a, àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Fún kòkó onípele kìn-ín-ní, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Màmá bi mí pé kí ni ẹni tó ra kìlò méjì péré yóò ṣe, níwọ̀n bí hóró 300 ti súnmọ́ ìdá mẹ́ta kìlò kan. Mo dín in kù sí hóró 50, ṣùgbọ́n mo kọ ààlà rẹ̀ síbẹ̀: nínú 50, hóró kan tó bu ti jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, méjì sì jẹ́ mẹ́rin, nítorí náà ẹni tó bá rí méjì gbọ́dọ̀ la 50 mìíràn kí ó tó dá kòkó padà.

Ìlà méjì tí wọ́n fún mi nísàlẹ̀ láti fi sọ ẹni tí mo jẹ́ nìkan ni orúkọ òwò mi wà. N kò sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n wá ra kòkó. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ àwòrán hóró tí a ti là kọ “HÓRÓ” sí mi lórí Wọ́ṣáàpù, èyí sì jẹ́ kí n mọ ẹni tó ti inú ìwé náà wá.

Oṣù méjì kọjá kí àpilẹ̀kọ náà tó jáde. Ènìyàn 23 kọ̀wé sí mi, mẹ́fà béèrè fún kòkó díẹ̀ láti dán wò, méjì sì ń rà lóṣooṣù báyìí, ọ̀kan kìlò 15, èkejì kìlò 40. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn oníṣòwò òkè òkun ń kó, ṣùgbọ́n a jọ ń fẹnu kò lórí iye owó rẹ̀ ni.

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ ni bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé kòkó ti gbẹ tó láìní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn omi inú rẹ̀. Mo ti kọ ímeèlì nípa ìyẹn sí màmá, wọ́n sì ti gbà á.