Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ mémò gbèdéke ófátáìmù kí ó tó ṣiṣẹ́

Owó ófátáìmù oṣù kẹsàn-án ló gbé mi jókòó. ₦90,000 la yà sọ́tọ̀ fún un, ₦236,400 ló jáde. Ilé búrẹ́dì ni mo ń bójú tó ní Àkúrẹ́, òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ló sì wà nídìí iṣẹ́ ṣíṣe. Kò sí ẹni tó jí wákàtí kankan nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí rẹ́jísítà ni wọ́n ṣe. Ohun tó bí mi nínú ni pé búrẹ́dì tí a tà lóṣù náà kò ju ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àdéhùn wa jẹ́ wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Ẹ fi 52 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 12, ẹ ó rí wákàtí 208 lóṣù. Owó oṣù wọn jẹ́ ₦83,200, nítorí náà wákàtí kan jẹ́ ₦400. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ la fi ń san ófátáìmù, ìyẹn ₦600. ₦236,400 túmọ̀ sí wákàtí 394 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn mẹ́ta tó wà nídìí ààrò nìkan kó 174 níbẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn ṣe 62. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé iṣẹ́ tó bá kọjá wákàtí tí a jọ ṣe àdéhùn lé lórí ni ófátáìmù, ṣùgbọ́n kò fi gbèdéke sí i. Àwa fúnra wa ni a ó fi gbèdéke náà síbẹ̀.

Mo kọ mémò àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lówùúrọ̀. Gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: "Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò ṣe ju wákàtí mẹ́jọ ófátáìmù lọ lọ́sẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù." Mo rò pé ó ti yanjú. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó fi dá wàhálà méjì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ "ọ̀sẹ̀" ló sì fa èyí tó gba àkókò mi jù lọ.

Ṣíìfù òru wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì máa ń parí ní agogo mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú wákàtí kan ìsinmi láàárín. Láti ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta ni. Ṣíìfù Àbámẹ́ta wá ń parí lọ́jọ́ Àìkú. Akọ̀wé owó wa ń ka ọ̀sẹ̀ láti Àìkú sí Àbámẹ́ta, ó sì ń gé e ní agogo méjìlá òru bí kàlẹ́ńdà ṣe gé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ka tiwọn láti Ajé, nítorí ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọlé. Èmi tí mo kọ mémò kò sọ èyí tí a ó tẹ̀ lé.

Ẹ wo bí ó ṣe rí lórí ẹnì kan. Àgbà nídìí ààrò wọlé ní alẹ́ Àbámẹ́ta, kò sì kúrò títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ófátáìmù nìyẹn. Akọ̀wé owó kọ ọ́ sí ọ̀sẹ̀ tuntun, nítorí inú Àìkú ni wákàtí náà bọ́ sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ṣe méjì, Ọjọ́rú ó ṣe méjì ààbọ̀. Ó pé mẹ́jọ. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì dé, tí àwọn tó fẹ́ ṣe òkú àti ìgbéyàwó gbé ọ́dà búrẹ́dì wọn wá, tí mo sì nílò wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé sọ pé kò lè ṣe é mọ́.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Máníjà, Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn o. Báwo ló ṣe di ti ọ̀sẹ̀ tuntun?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n yẹ rẹ́jísítà wò." Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló tọ̀nà. Tí a bá fi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ yẹn sí ọ̀sẹ̀ tí ṣíìfù náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ àtijọ́ rẹ̀ jẹ́ méje ààbọ̀, tuntun sì jẹ́ mẹ́rin ààbọ̀. Ó ṣì ní mẹ́ta ààbọ̀ nílẹ̀ fún ọjọ́ Ẹtì. Kò kọjá gbèdéke ní ibì kankan. Bí a ṣe ń ka ọ̀sẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó kọjá rẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tún ìwé àwọn mẹ́rìnlá kà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé ti àwọn márùn-ún ló dàrú báyẹn.

Ohun tí mo kọ sínú mémò kejì nìyí, mo sì gbà pé gbólóhùn yìí ló yẹ kó ṣáájú nínú mémò irú èyí: "Ọ̀sẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí ṣíìfù bẹ̀rẹ̀ ló ni gbogbo wákàtí rẹ̀, ì báà parí ní ọjọ́ kejì." Lẹ́yìn èyí, akọ̀wé owó àti òṣìṣẹ́ ń ka iye kan náà.

Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí là mí lójú sí. Abala 13 yẹn kan náà sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ méje, wákàtí 24 tó tẹ̀ léra. Bí ẹnì kan bá jáde ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ Àìkú, tí a sì pè é padà ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀ péré ló fi sinmi. Ìwé ìpínṣẹ́ kò ní fi hàn, nítorí àwọn tó ń ṣe é ń wo orúkọ ọjọ́, wọn kì í ka wákàtí. Tí ìsinmi ọ̀sẹ̀ bá bọ́, òfin ní kí a fún un ní àkókò tó tó o padà láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí a san owó ófátáìmù dípò rẹ̀. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé gbèdéke wákàtí mẹ́jọ kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọwọ́ kan ìsinmi alẹ́ Àìkú láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i.

Wàhálà kejì ni ti owó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ mémò àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó kọjá mẹ́jọ bí a ṣe kà á, síbẹ̀ àpapọ̀ jẹ́ wákàtí 96. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀! Ó yẹ kí n ti rí i: mẹ́jọ ní ọ̀nà mẹ́rìnlá jẹ́ 112. Gbèdéke ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba àwọn tó wà nídìí ààrò lọ́wọ́ àárẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kù kàn ń ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Kí owó tó lè dín kù, a gbọ́dọ̀ fi gbèdéke kejì sí àpapọ̀, kí a sì wá ohun tó ń bí wákàtí wọ̀nyẹn. Mo fi 40 sí àpapọ̀ lọ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ní kí alábòójútó ṣíìfù kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ wákàtí ófátáìmù kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan péré: "ìwú", "ọkọ̀", tàbí "ọ́dà". Àpapọ̀ jẹ́ 190. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà tó gbé ọ́dà wá kò ju 45 lọ níbẹ̀. 61 jẹ́ ti àwọn tó dúró de ọkọ̀ àwọn tó ń gbà búrẹ́dì lọ tà, tó yẹ kó dé ní mẹ́fà àmọ́ tó ń dé ní mẹ́jọ. 84 tó kù jẹ́ ìdúró de ìyẹ̀fun kó wú.

Èyí ló dùn mí jù. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni àwọn tó ń po ìyẹ̀fun àti àwọn tó ń jó ààrò jọ ń wọlé. Kí a tó pò ó, kí a tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ mílíńgì, kí a gé e sínú agolo, ó ti di mọ́kànlá. Ó nílò wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó wú débi tí a lè tì í sínú ààrò. Àwọn tó wà nídìí ààrò ń jókòó ní gbogbo àsìkò yẹn, a sì ń san owó wọn. Nígbà tó bá wá di mẹ́fà àárọ̀ tí ṣíìfù parí, iná ààrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná dáadáa, ni ófátáìmù bá bẹ̀rẹ̀. A kò sì lè fi ipá yá gígé àti dídì rẹ̀ sínú ọ̀rá, nítorí búrẹ́dì tí a gé lórí gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ooru inú rẹ̀ sì ń di omi nínú ọ̀rá, tí yóò fi bu kó tó di ọjọ́ kẹta. Mo gbé àwọn tó ń pò ó wá sí agogo kan ọ̀sán títí di mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tí àwọn tó ń jó o bá dé ní mẹ́sàn-án, ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ ti wú. Ti ọkọ̀, ẹnì kan láti ṣíìfù ọ̀sán ń wọlé ní mẹ́fà láti kó búrẹ́dì jáde, àwọn tó kù sì ń lọ sílé.

Ó ku kí n sọ ìdí fún wọn. "Owó ti pọ̀ jù" tí mo kọ tẹ́lẹ̀, wọ́n kà á sí pé wọ́n ń jẹ wá run. Nínú mémò kejì, mo kọ 394, mo kọ 84, 61 àti 45, mo sì kọ ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn: ẹni tó ṣe 62 gba ₦37,200, mẹ́jọ lọ́sẹ̀ kò ju ₦19,200 lọ lóṣù, ₦18,000 ló sọnù. Ẹni tó ti fi owó yẹn san iléèwé ọmọ kò lè gbọ́ ọ lójijì, nítorí náà gbèdéke sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: méjìlá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mẹ́wàá ní ìkejì, mẹ́jọ láti ìkẹta. Àwọn tó ń ṣe òru gba àfikún ₦6,000 lóṣù. Mo tún kọ ọ́ kedere pé wákàtí tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe, owó rẹ̀ ti di gbèsè lọ́rùn wa, kódà bí kò sí ìfọwọ́sí; alábòójútó tó jẹ́ kó ṣe é ni yóò wá ṣàlàyé. Ẹ má ṣe fi àìsanwó halẹ̀ mọ́ wọn. Ohun tí ẹ ó rí ni pé wọn yóò ṣe é, wọn kò ní kọ ọ́, rẹ́jísítà yín yóò sì máa parọ́.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà tirẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Lílẹ̀ mọ́ ògiri kò tó: abala 7 nínú Òfin Iṣẹ́ náà fẹ́ kí àyípadà nínú àdéhùn wákàtí iṣẹ́ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní kíkọ láàárín oṣù kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí gbèdéke mẹ́jọ fẹsẹ̀ múlẹ̀, a ṣe 36, 44, 39 àti 39. Àpapọ̀ 158, ₦94,800. Inú mi dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ₦4,800 kọjá ohun tí a yà sọ́tọ̀. 44 yẹn jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí iná lọ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun ń yí lọ́wọ́. Bí ọyẹ́ bá dé ní Oṣù Kejìlá, ìyẹ̀fun yóò pẹ́ kó tó wú, nítorí náà mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ mémò pé àwọn tó ń pò ó yóò máa wọlé ní méjìlá ọ̀sán láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù náà. Gbèdéke mẹ́jọ kò ní yí padà.