Bí mo ṣe ṣírò iye kálísíọ́mù fúlóráìdì tó lè yọ́ sínú omi

Mò ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ìbéèrè kan tí mo fẹ́ fún kíláàsì kẹ́mísírì mi: mólù kálísíọ́mù fúlóráìdì mélòó ló lè yọ́ sínú lítà omi kan, mélòó ló sì lè yọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bá ti wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀? Ksp, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí yíyọ́ iyọ̀ náà dé ààlà, tí mo lò ni 3.9 × 10⁻¹¹, ní 25°C. Iye yìí máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ìwé sí ìwé, nítorí náà mo kọ ọ́ sókè ìbéèrè kí gbogbo wa lè lo ọ̀kan ṣoṣo.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ ni bí ó ṣe ń yọ́:

```
CaF2(s) ⇌ Ca2+ + 2F-
Ksp = [Ca2+][F-]^2
```

Mo pe iye mólù tó yọ́ nínú lítà kan ní s. Bí s bá yọ́, kálísíọ́mù inú omi á jẹ́ s, fúlóráìdì á sì jẹ́ 2s. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú: wọ́n á kọ 2s, wọ́n á sì gbàgbé pé 2s náà la gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, kì í ṣe s nìkan. Nínú omi lásán, ó di:

```
s(2s)^2 = 4s^3 = 3.9e-11
s = 2.1e-4
```

Ìyẹn ni 2.1 × 10⁻⁴ mólù nínú lítà kan. Mólù kan rẹ̀ wọn gíráàmù 78, nítorí náà bíi mílígíráàmù 17 péré ló yọ́. Ìyókù á jókòó sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, torí pé bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, omi náà lè má tíì kún dé ààlà, Ksp kò sì ní sọ iye tó wà nínú rẹ̀ fún wa.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sínú omi tí sódíọ́mù fúlóráìdì 0.010 mólù wà nínú lítà rẹ̀ kan. Fúlóráìdì ti wà níbẹ̀ kí tiwa tó dé, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 0.010 + 2s. Nítorí pé 2s kéré gan-an sí 0.010, mo fi í sílẹ̀:

```
s(0.010)^2 = 3.9e-11
s = 3.9e-7
```

Mo yẹ̀ ẹ́ wò: 2s jẹ́ 7.8 × 10⁻⁷, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.010, nítorí náà ó tọ́ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Yíyọ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ní ìlọ́po bíi 550.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí ló tẹ̀lé e. Mo pààrọ̀ sódíọ́mù fúlóráìdì sí kálísíọ́mù kílóráìdì, iye kan náà, 0.010. Báyìí, kálísíọ́mù ni áyọ́ọ̀nù àjùmọ̀ní:

```
(0.010)(2s)^2 = 3.9e-11
s = 3.1e-5
```

Ìlọ́po bíi méje péré ló fi dín kù! Iye áyọ́ọ̀nù tó ti wà níbẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n fúlóráìdì ni Ksp fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, nítorí náà agbára rẹ̀ ju ti kálísíọ́mù lọ fíìfíì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí kálísíọ́mù inú omi ṣẹ́kù díẹ̀ bó ti lè ṣe é tó, fúlóráìdì ni kó fi kún un.

Mo wá fi ìbéèrè ẹlẹ́tàn kan kún un: sódíọ́mù fúlóráìdì 0.00010 péré. Ẹni tó bá tún fojú fo 2s á rí 3.9 × 10⁻³. Ìyẹn pọ̀ ju ohun tó yọ́ nínú omi lásán lọ, bẹ́ẹ̀ áyọ́ọ̀nù àjùmọ̀ní kì í mú kí iyọ̀ yìí yọ́ sí i. Ìdáhùn ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti ń pariwo pé ọ̀nà àbùjá kò ṣiṣẹ́ níbí. Mo kọ ọ́ jáde ní kíkún, mo sì ń dán iye s wò títí ó fi bá Ksp mu:

```
s(0.00010 + 2s)^2 = 3.9e-11
s = 1.8e-4
```

Ó dín sí 2.1 × 10⁻⁴, àmọ́ díẹ̀ ni.

Mo kọ ọ́ sínú ìbéèrè náà pé kò sí ásíìdì nínú omi. Bí ásíìdì bá wà, á máa gba fúlóráìdì mọ́ra láti di HF, kálísíọ́mù fúlóráìdì á sì yọ́ ju iye tí ìṣírò yìí sọ lọ. Ìyẹn nílò Ka, nọ́ńbà tó ń sọ bí HF ṣe ń tú ká sí áyọ́ọ̀nù nínú omi, pẹ̀lú Ksp, mo sì fi í sílẹ̀ di tááàmù tó ń bọ̀.