Ọdún 6 tí wọ́n yọ kúrò nínú pẹ́ńṣàn mi

Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà. Iye tí wọn ì bá máa gé lára pẹ́ńṣàn mi lóṣooṣù títí n ó fi kú nìyẹn, ká ní n kò mọ ìṣírò. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní bínú mọ́, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú tún ń bí mi.

Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni mo pé ọgọ́ta ọdún, tí mo sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa lẹ́yìn ọdún 34. Ti fọ́ọ̀mù, fọ́tò àti nọ́ńbà báńkì, n kò ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu. Kò sẹ́ni tí kò ní rí i ṣe. Ìwé tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣù Keje ni wàhálà wà nínú rẹ̀: gírátúítì 2,928,000 náírà, pẹ́ńṣàn 66,000 náírà lóṣù.

Bí mo ṣe fojú kàn án ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ètò àtijọ́ ni ìpínlẹ̀ wa ṣì ń lò, èyí tí wọn kì í yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ sí, tábìlì tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ láti ọdún 1992 kò sì le rárá. Owó oṣù tí èèyàn gbà kẹ́yìn ni wọn ó mú, wọn ó sọ ọ́ di ti ọdún kan. Ẹni tó ṣe ọdún 10, gírátúítì rẹ̀ jẹ́ 100% owó ọdún kan yẹn, pẹ́ńṣàn rẹ̀ lọ́dún sì jẹ́ 30%. Láti ibẹ̀ lọ, ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá pé ń fi 8% kún gírátúítì àti 2% kún pẹ́ńṣàn, títí dé ọdún 35 tó jẹ́ òpin, níbi tí ọ̀kan ti di 300%, tí èkejì di 80%.

100,000 náírà ni mo ń gbà lóṣù kí n tó lọ, ìyẹn 1,200,000 lọ́dún. Ọdún 34 fi ọdún 24 ju 10 lọ. Ìlọ́po 24 fún 8 jẹ́ 192. Ẹ fi 100 kún un, ó di 292%, gírátúítì mi sì di 3,504,000. Ìlọ́po 24 fún 2 jẹ́ 48. Ẹ fi 30 kún un, ó di 78%, ìyẹn 78,000 lóṣù. Àmọ́ 244% àti 66% ni tiwọn. Mo wo tábìlì, ọdún 28 ló bá a mu. Ọdún 6 ti pòórá.

Àwọn tá a jọ fẹ̀yìn tì ń bá mi kẹ́dùn gírátúítì nìkan, torí òun ni owó gọbọi tí gbogbo ayé ń retí. 576,000 ni wọ́n yọ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n 12,000 tí wọ́n yọ lóṣù, tó bá di oṣù 48, ó ti bá 576,000 yẹn dọ́gba, kò sì ní dúró níbẹ̀. Iye ọdún yòówù kí wọ́n gé fún èèyàn, iye owó oṣù yòówù kó máa gbà, ọdún mẹ́rin yẹn náà ni. Lẹ́yìn rẹ̀, inú pẹ́ńṣàn ni ọgbẹ́ náà wà.

Ó dára, ibo lọ́dún 6 gbà lọ? Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 1990, kí n tó ṣípò padà sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lóṣù Kẹrin 1996. Iṣẹ́ kan náà ni lójú òfin, bí èèyàn bá ṣípò padà, tí àyè kò sì ṣí sílẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n wá gbà á lákọ̀tun ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ kíka tirẹ̀ láti òdo. Ọmọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì tí mo lọ, ọmọ tí n bá bí lẹ́ẹ̀kẹta, wò mí lójú, ó ní: “Màmá, ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, ẹ ò ṣípò padà. Kò sí ìwé ìyọ̀ǹda nínú fáìlì yín.”

Ìwé ìyọ̀ǹda ni èyí tí ibi tí èèyàn ń kúrò yóò kọ pé àwọn gbà kó máa lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́, torí èmi náà ni mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ tuntun. N kò mà ṣe ẹ̀dà rẹ̀! Ọgbọ́n mi kù díẹ̀ káàtó.

Mo lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ kìíní, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi òkú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣí yàrá náà, òjò ti wọlé tọ àwọn fáìlì, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ tó tutù. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní kí n kọ̀wé. Lọ́jọ́ kẹrin wọn ò rántí pé mo kọ ọ́. Mo jókòó sábẹ́ igi kan níta, mo ń ka iye owó mọ́tò tí mo ti ná, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kámú.

Obìnrin kan tó ti ṣe akọ̀wé fáìlì rí, tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, ló la ojú mi. Mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ó sì bi mí léèrè: “Àǹtí, fáìlì kejì ni wọ́n wò àbí ti àkọ́kọ́?” Mo bú sẹ́rìn-ín kíkorò. Bí fáìlì òṣìṣẹ́ bá ti nípọn jù, wọ́n máa ń ti í pa, wọ́n á ṣí òmíràn, ti àkọ́kọ́ á wọ yàrá ìpamọ́. Èyí tuntun nìkan ni wọ́n gbé wá sórí tábìlì nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó mi. Mo kọ̀wé, mo ní kí wọ́n gbé fáìlì àkọ́kọ́ wá. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi wá a. Ìwé ìyọ̀ǹda náà wà nínú ewé kẹta. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kí n lọ wá a ló wà látọjọ́ yìí!

Oṣù Kìíní 2025 ni wọ́n tún un ṣe. Ọmọkùnrin yẹn bẹ̀ mí, mo sì gbà. Àmọ́ mo jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ ka 292% sókè kí n tó dìde.

Bí mo bá tún ayé wá, ọdún karùn-ún kí n tó fẹ̀yìn tì ni n ó ti lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo fáìlì mi, pàápàá ojú ewé ọjọ́ ìgbàwọlé àti ti ìṣípòpadà. N ó sì tún yẹ ipele owó oṣù mi wò, torí bí àlékún tó kẹ́yìn kò bá wọlé, orí owó kékeré ni wọn ó gbé gbogbo ìṣírò kà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe ọdún 9, ó lọ gba gírátúítì 132% tí tábìlì kọ fún ẹni tó ṣe ọdún 9, ó ní ó ju 100% ti ọdún 10 lọ. Ó jù ú lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ńṣàn kankan, nígbà tí ọdún kan sí i ì bá fún un ní 30% títí ayé.

Ọmọ àbúrò mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò lè lo tábìlì yìí ní tirẹ̀. Lábẹ́ òfin tiwọn ti ọdún 2014, wọ́n ń yọ 8% lára owó rẹ̀, ìjọba ń fi 10% kún un, àpò yẹn ni owó gọbọi àti ti oṣooṣù yóò ti jáde. Mo ní kó máa yẹ àpò náà wò lóṣooṣù. Kò níí sí fáìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé wá fún un.

Pẹ́ńṣàn tí wọ́n jẹ mí láti oṣù Karùn-ún ti wọlé, 108,000 náírà. 576,000 ti gírátúítì ṣì wà lórí ìlà, wọ́n ní orúkọ mi wà ní ojú ewé kejì.